Ẹni Tó Ní Kò Dun Òun: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Han Kíláàsì Pé Asọ̀rọ̀ Inú Ewì Ń Tan Ara Rẹ̀ Jẹ

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ètò tọ̀sẹ̀ yìí. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, àti fún ẹ̀yin tí dátà yín ti ń lọ sópin.

Ọ̀rọ̀ tòní kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ lítíréṣọ̀ ní kí wọ́n dìde níwájú kíláàsì, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ̀rọ̀ lórí ewì kan. Oríṣi kan wà nínú iṣẹ́ yìí tó le ju àwọn tó kù lọ, òun ni kí ẹ fi hàn pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ewì náà ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ó le torí pé ẹnu ẹni tí ẹ fẹ́ ta kò náà ni gbogbo ẹ̀rí yín ti máa wá. Kò sí ẹlẹ́rìí mìíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lẹ máa gbà, ẹ ó sì fi òun náà já a nírọ́.

Ewì kan ṣoṣo la máa fi ṣe é. Àkọlé rẹ̀ ni "One Art". Elizabeth Bishop, akéwì ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1911 tó sì kú ní 1979, ló kọ ọ́. Ìwé ìròyìn The New Yorker gbé e jáde ní 1976, ọdún yẹn náà ló sì wọ inú ìwé ewì rẹ̀ tó ń jẹ́ "Geography III". Mi ò ní ka ìlà kankan níbẹ̀ fún yín. Ẹ tẹ àkọlé náà àti orúkọ akéwì sórí fóònù yín, ẹ máa rí i. Ìlà 19 péré ni. Ẹ ṣí i sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń bá mi bọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ewì náà

Asọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ bí olùkọ́. Ó ní pípàdánù nǹkan dà bí iṣẹ́ ọwọ́ tí èèyàn lè kọ́, kò sì nira láti mọ̀ ọ́n dunjú. Ó ní ká máa fi dánra wò lójoojúmọ́. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ló fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú wákàtí kan tó lọ lásán. Lẹ́yìn náà ló ní ká tẹ̀ síwájú: ibi tí a mọ̀, orúkọ tí a gbàgbé, ibi tí a ti ń gbèrò láti lọ. Títí dé ibí, àwa òǹkàwé ló ń bá sọ̀rọ̀, ìmọ̀ràn ló ń gbà wá.

Ní ẹsẹ kẹrin, ohùn yí padà. Kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn mọ́, "mo" ló kù lẹ́nu rẹ̀. Aago ìyá rẹ̀ ti sọnù. Ilé kan nínú mẹ́ta tó fẹ́ràn náà ti lọ. Ní ẹsẹ karùn-ún, ìlú ńlá méjì, odò méjì àti odindi kọ́ńtínẹ́ǹtì kan ló kà. Ó gbà pé àárò wọn ń sọ òun, ó sì fi kún un pé kì í ṣe àjálù. Ìgbà tó di ẹsẹ kẹfà ló tó dé orí "ìwọ", ẹnì kan tó fẹ́ràn. Ewì náà kò sọ ẹni tí "ìwọ" yìí jẹ́, kò sì sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé ewì yìí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rí yín tó lágbára jù ti máa jáde. Fílánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ó ní ẹsẹ márùn-ún onílà mẹ́ta, àti ẹsẹ kan onílà mẹ́rin ní ìparí. Ìlà kìíní máa ń padà wá bí ègbè ní ìlà 6, 12 àti 18. Ìlà kẹta náà máa ń padà wá ní ìlà 9, 15 àti 19. Nínú ewì Bishop, ègbè àkọ́kọ́ ló ń sọ pé nǹkan yìí kò ṣòro. Ègbè kejì, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "àjálù" ló máa ń parí rẹ̀. Ẹ wo ohun tí òfin yìí fà: láti ìlà kẹta ni asọ̀rọ̀ náà ti ń sọ pé kò sí àjálù, síbẹ̀ òfin ewì náà ti pinnu pé "àjálù" gan-an ni ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn.

Irọ́, àwàdà, àti ìtanra-ẹni-jẹ

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀. Òpùrọ́ mọ òótọ́, ó ń fi í pa mọ́ fún ẹlòmíràn. Aláwàdà mọ òótọ́, ó sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń tan ara rẹ̀ jẹ ní òótọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ má bàa wò ó.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá tan ara rẹ̀ jẹ ni òrìṣà òkè ń tàn jẹ: àpọ́n tí kò láya nílé, tó ní kí òrìṣà bun òun lọ́mọ. Ẹ wo àpọ́n yẹn dáadáa. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé òun kò ní aya. Inú ilé yẹn kan náà ló ń sùn. Ohun tó mọ̀ ló ń fò kọjá nígbà tó bá ń gbàdúrà.

Torí náà, nǹkan mẹ́ta lẹ gbọ́dọ̀ fi hàn. Èkíní, kí ni asọ̀rọ̀ náà ń sọ? Èkejì, kí ló fi hàn pé ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ wo ló ń ṣe kí méjèèjì má bàa pàdé? Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé. Bí ẹ bá fi méjì àkọ́kọ́ hàn nìkan, ohun tí ẹ ti fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta kora. Ọ̀rọ̀ ẹni tó gbàgbé lè ta kora, ti ẹni tó ṣì ọ̀rọ̀ sọ náà sì lè ta kora. Iṣẹ́ tó ń ṣe láti má rí i ló ń fi ìtanra-ẹni-jẹ hàn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè rí

Ìṣẹ́jú márùn-ún kì í gun bí ẹ bá ti dìde. Ẹ má ka ewì náà tán fún kíláàsì, torí ó lè gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ jẹ́ kí ó wà níwájú wọn, kí ẹ máa dárúkọ nọ́ńbà ìlà. Ẹ̀rí mẹ́ta ti tó. Àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ náà nìyí:

"Ẹ kú ìjókòó o, olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú 'One Art' ń kọ́ wa pé pípàdánù kò nira. Mo fẹ́ fi hàn yín pé kì í ṣe àwa ló ń wá ọ̀nà láti yí lọ́kàn padà. Ara rẹ̀ ló ń tàn, ìtànjẹ náà sì já mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìlà tó kẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe to nǹkan. Kọ́kọ́rọ́ ló ṣáájú. Orúkọ tẹ̀ lé e, aago ìyá, ilé, ìlú, kọ́ńtínẹ́ǹtì, èèyàn ló wá kẹ́yìn. Ó jọ ìdánrawò, bí ẹni tó gbé garawa omi kan lónìí tí yóò gbé méjì lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù lè lọ gẹ́ òmíràn. Ta ló ń gẹ́ èèyàn? Àwọn nǹkan tó tò yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, síbẹ̀ ègbè kan náà ló lẹ̀ mọ́ gbogbo wọn. Bó bá gbà fún ìṣẹ́jú kan pé èèyàn yàtọ̀ sí kọ́kọ́rọ́, gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ á wó. Ìdí nìyẹn tó fi tò wọ́n pọ̀. Títò yẹn ni iṣẹ́ tó ń ṣe kí ó má bàa rí òótọ́.

"Ẹ̀rí mi kejì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kẹfà. Bó ṣe dé orí ẹni tó fẹ́ràn, ó sáré sọ pé ọ̀rọ̀ òun kò ní di irọ́. Mo bi yín, ta ló pè é ní òpùrọ́? Ẹ ka ewì náà láti òkè délẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ̀sùn kàn án. Bí ọmọdé bá pàdé ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ní 'èmi kọ́ ni mo jẹ ẹran', ìkòkò ọbẹ̀ ni ìyá máa kọ́kọ́ ṣí. Níbẹ̀ náà ló ti mẹ́nu ba ìṣesí kan tí ẹni náà máa ń ṣe, tí òun fẹ́ràn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ọ́, fífẹ́ràn yẹn kì í ṣe ti àná. Ó ń lọ lọ́wọ́.

"Ẹ̀rí kẹta ni ègbè. Ní ìlà 1, 6 àti 12, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀ níbẹ̀: kò ṣòro. Ní ìlà 18, ọ̀rọ̀ kékeré kan wọlé, ó wá di pé kò ṣòro jù. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún yín pé abẹ́rẹ́ náà kò ní dùn yín jù, ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ìlà 19 ló wá tú gbogbo rẹ̀ síta. Ó fẹ́ sọ pé ó lè jọ àjálù. Ó sọ ọ̀rọ̀ kékeré tó túmọ̀ sí 'bíi', ó dúró. Ó ṣí àkámọ́, ó pàṣẹ fún ara rẹ̀ pé kí ó kọ ọ́. Ó pa àkámọ́ dé, ó tún 'bíi' yẹn sọ lẹ́ẹ̀kejì, kí ó tó lè kọ 'àjálù'. Ẹni tí nǹkan rọrùn fún kì í lé ara rẹ̀ láti sọ ọ́.

"Ohun tí mo rí nínú ewì yìí ni pé ìlà 17 ni asọ̀rọ̀ náà fi kọ́ odi. Ìlà 18 la odi náà, ìlà 19 sì wó o. Ẹ ṣeun."

Ìbéèrè tó dájú pé wọ́n máa bi yín

Ẹ má jókòó o. Ẹnì kan máa na ọwọ́ sókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀. Á ní: "Ṣé kì í ṣe ìgboyà lo ń pè ní ìtànjẹ? Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé 'màá là á já', ṣé irọ́ ló ń pa?"

Ìbéèrè gidi ni, ẹ má fi ẹ̀rín bò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ̀rọ̀ fún ara wọn lọ́nà yẹn nígbà ìṣòro, kò sì sí ẹni tó lè pè wọ́n ní aṣiwèrè. Bí ẹ bá dáhùn pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, kíláàsì á kẹ̀yìn sí yín, wọ́n á sì jàre. Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Onígboyà máa ń sọ pé ó dùn mí, mo sì máa rìn. Asọ̀rọ̀ yìí ní kò tó nǹkan.

Ẹ wá padà sí ẹsẹ karùn-ún, kí ẹ fi ìka sí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ìlú àti odò, asọ̀rọ̀ náà gbà ní gbangba pé àárò wọn ń sọ òun. Èyí fi hàn pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé orí èèyàn, kò sọ pé àárò ń sọ òun rárá. Ó lè ṣàárò odò, kò lè sọ pé òun ń ṣàárò ẹni náà. Ibi tó yẹ kí ìgboyà ti sọ̀rọ̀ gan-an ló ti dákẹ́. Ìdáhùn yìí lágbára torí pé inú ewì ló ti wá, ẹni tó bi yín lè wò ó fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fún oníbéèrè ní ohun tó tọ́ sí i. Nígbà tí asọ̀rọ̀ náà pàṣẹ fún ara rẹ̀ ní ìlà 19, kò tan ara rẹ̀ jẹ mọ́ níbẹ̀. Ó ti ń fa òótọ́ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dùn ún. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ sọ pé ìtànjẹ náà já mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ẹ má sọ pé ó tan ara rẹ̀ jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ẹ bá sọ ju ohun tí ewì gbé lọ, ìlà kan ṣoṣo máa já yín.

Ọ̀rọ̀ ìgbésí ayé akéwì

Bí ẹ bá wá orúkọ Bishop lórí fóònù, ẹ máa rí ọ̀pọ̀ nǹkan tó bani nínú jẹ́. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ní 1916, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn kò jí pépé, kò sì fojú kàn án mọ́. Láti 1951 ló ti ń gbé ní Brazil pẹ̀lú Lota de Macedo Soares, tó fẹ́ràn gan-an, tí òun náà kú ní 1967.

Ó máa ń wu èèyàn láti kó gbogbo èyí sínú ọ̀rọ̀. Ẹ ṣọ́ra. Ohun tí ìtàn yìí lè fi hàn ni pé Bishop mọ ohun tí pípàdánù jẹ́. Kò lè fi hàn pé asọ̀rọ̀ inú ewì ń tan ara rẹ̀ jẹ. Bí ọ̀rọ̀ yín bá gbára lé ìtàn ìgbésí ayé, ẹni tó bá sọ pé "ewì là ń kà, a kì í ka ìwé ìtàn" ti borí yín.

Ẹ̀rí kan wà láti ọ̀dọ̀ akéwì tó wúlò ju ìyẹn lọ. Ní Vassar College, níbi tí Bishop ti kàwé, wọ́n tọ́jú àwọn ìwé tó fi kọ ewì yìí, tó ń pa á rẹ́, tó tún ń kọ ọ́. Ẹ̀dà 17 ló wà níbẹ̀. Nínú díẹ̀ lára wọn, asọ̀rọ̀ náà jẹ́wọ́ ní gbangba ní ìparí pé irọ́ ni ohun tí òun ti kọ sókè. Bishop yọ ìjẹ́wọ́ yẹn kúrò. Nínú èyí tó fi jáde, ó ti yí i sódì: asọ̀rọ̀ náà ń sẹ́ pé òun kò ní jẹ́ òpùrọ́.

Ẹ rí ohun tí ìyípadà yìí ṣe. Ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun purọ́ ti ń rí òótọ́ kedere, kò sí ìtanra-ẹni-jẹ níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí akéwì yọ ìjẹ́wọ́ náà, ó gba ojú lọ́wọ́ asọ̀rọ̀, ó sì gbé e fún wa. Àwa la wá ń rí ohun tí asọ̀rọ̀ kọ̀ láti rí. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ sọ níwájú kíláàsì pé Bishop ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹni tó tún ibì kan kọ títí ó fi di ẹ̀dà kẹtàdínlógún mọ̀ ibi tí ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ti kọ́ni lẹ́nu. Asọ̀rọ̀ ló ń kólòlò, akéwì ló fi ìkólòlò náà síbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yín ti dúró

Kí ẹ tó lọ sí kíláàsì, ẹ ka ìlà 18 àti 19 sókè létí ara yín, kí ẹ sinmi díẹ̀ níbi tí àkámọ́ ti ṣí, kí ẹ tún sinmi níbi tó ti pa dé. Bí ẹ bá sáré kọjá níbẹ̀, ẹ̀rí yín tó dára jù máa bọ́ sọnù, torí etí ni àwọn ará kíláàsì máa fi mú un.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ọ̀rẹ́ kan ní ewì náà, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín fún un. Bí ẹ bá ti parí, ẹ bi í pé: "Ìlà wo ni mo gbára lé?" Bó bá lè fi ìka tọ́ka sí i lórí fóònù rẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ti dúró. Bó bá jẹ́ pé "àánú rẹ̀ ṣe mí" nìkan ló lè sọ, ẹ padà lọ wá ìlà tí ẹ máa fi ìka sí.